Mo fẹ́ fi owó lé oúnjẹ tí mò ń gbé lọ sí ọ́fíìsì. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fáwọn kọ́sítọ́mà mi?

Ìyá Àdùnní Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa ni mo ti ń se oúnjẹ ọ̀sán, tí mò ń gbé e lọ fáwọn òṣìṣẹ́ ní Wuse àti Maitama. Bí abọ́ ogójì ni lójúmọ́, àwọn kan náà ló sì ń rà á. ₦1,800 ni abọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè dúró síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e sí ₦2,500 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má baà tún padà wá sọ ọ́. Èló ni kí n fi lé e, báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé ojúkòkòrò ló ń yọ mí lẹ́nu?

Ṣadé Karu
Ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan, mà. Ẹ dín ìrẹsì kù níwọ̀n ṣíbí kan, kẹ́ ẹ gé ẹran kéré sí i. Búrẹ́dì tá a ń jẹ yìí, ta ló kéde fún wa kó tó di pé ó fúyẹ́ bí òwú? Ṣebí a ṣì ń rà á.

Ajẹun Maitama
Aunty Ṣadé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ọ̀dọ̀ àwa tá à ń jẹ ẹ́. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá sí ọ́fíìsì wa tẹ́lẹ̀ ṣe ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gan-an. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ojú la kàn fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan á ṣí ike, á fi han ẹnìkejì, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹlòmíràn ti ń gbé oúnjẹ wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì sọ fún obìnrin yẹn pé a ti lọ. Owó tí oúnjẹ ẹni kejì fi wọ́n ju tiẹ̀ lọ kò tó nǹkan, a sì ń san án.

Ti búrẹ́dì yàtọ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣe é ló jọ dín in kù, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú ẹni tó ṣe èyí tó ń jẹ. Àwa mọ ojú obìnrin yẹn. Ohun tó dùn wá nìyẹn.

Fẹ́mi Nyanya
Ohun tí mo máa sọ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ gba owó yín. Ẹ má ta àwìn fún òṣìṣẹ́ kankan nílùú Àbújá yìí. Tí oṣù bá ti parí, wọ́n á gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ bá ọ̀gá wọn.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Ẹ ṣé, Fẹ́mi, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ mí lówó o. Tíránsífà ni gbogbo wọn ń ṣe. Àwọn bíi mẹ́sàn-án tiẹ̀ ń san owó ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú. Ọ́fíìsì kan tó máa ń gba abọ́ méjìlá nìkan ló ń san owó tiẹ̀ lóṣooṣù, owó ibẹ̀ kì í sì í pẹ́.

Bàbá Oníṣirò
Mo ti ṣe ìṣirò owó fún ilé búrẹ́dì kan ní Lugbe rí, mo sì ti bá wọn fi owó lé ọjà ju ìgbà kan lọ. Ìyá Àdùnní, ká tó dé orí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí abọ́ kan ń ná yín nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ₦1,800, kẹ́ ẹ sọ iye tó ń ná yín báyìí. Ẹ ya owó ọkọ̀ àti owó ọmọ tó ń bá yín gbé e sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Mo jókòó ti ìwé lálẹ́ àná. Nígbà yẹn, ohun tí mò ń sè, gáàsì àti ike jẹ́ ₦1,000 lórí abọ́ kan. Ó ti di ₦1,230 báyìí. Owó ọkọ̀ àti ti ọmọ tó ń bá mi gbé e jẹ́ ₦8,000 lójúmọ́ nígbà náà. ₦10,000 ni báyìí.

Kọ́lá Gwagwalada
Ó rọrùn. Ẹ pín ₦10,000 yẹn sórí abọ́ ogójì, á jẹ́ ₦250. Fi kún ₦1,230, ó di ₦1,480. Èrè yín lórí abọ́ kan jẹ́ ₦600 tẹ́lẹ̀, ó ti já wá sí ₦320. Tẹ́ ẹ bá tà á ní ₦2,100, ẹ padà sí ₦620. Ogójì abọ́ ní ₦320 jẹ́ ₦12,800, bẹ́ẹ̀ abọ́ mọ́kànlélógún ní ₦620 ti ju ìyẹn lọ. Mọ́kàndínlógún nínú wọn lè sá lọ kí èrè yín má dín kù. Ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni!

Bàbá Oníṣirò
Kọ́lá, ọ̀nà tó o gbà dára, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó yẹ kó o tún wò. Ọkọ̀ ò mọ̀ bóyá abọ́ ogójì ló wà nínú kúlà tàbí mọ́kànlélógún. ₦10,000 náà ló máa gbà, ọmọ tó ń gbé e á sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Torí náà, kò yẹ ká pín owó yẹn sórí abọ́ nígbà tá a bá ń wò ó pé àwọn kan máa lọ.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ní ₦1,800, abọ́ kan ń mú ₦570 wá lẹ́yìn ohun tí wọ́n sè sínú rẹ̀. Ogójì á mú ₦22,800 wá. Yọ ₦10,000 kúrò, ₦12,800 ló kù. Ní ₦2,100, abọ́ kan á mú ₦870 wá. Kí ₦22,800 yẹn tó pé, abọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ tà. Àwọn mẹ́tàlá ló lè lọ kí ọwọ́ Ìyá Àdùnní tó kan ibi tó wà lónìí. Mẹ́tàlá yàtọ̀ sí mọ́kàndínlógún púpọ̀, pàápàá tí abọ́ méjìlá bá wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo.

Ẹ wá fi èyí wo ₦2,500 tí ẹ̀gbọ́n yín sọ. Lórí ìwé, ó dùn. Ṣùgbọ́n ₦700 lójijì lórí ₦1,800 ju ìdá mẹ́ta owó àtijọ́ lọ. Ẹni tó ń jẹun lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ á fi ₦3,500 kún owó ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Kò ní bá yín jà, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá látilé. Èmi á mú ₦2,100. Ìyẹn náà ti tó láti dá èrè yín padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ sì lè sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni láì fojú sílẹ̀.

Kọ́lá Gwagwalada
Mo gbà fún yín, sà. Mi ò rò ti ọkọ̀.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Ẹ kú làákàyè o. ₦2,100 náà ni mo máa mú. Ohun tí mo ti kọ sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìyí, ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin kọ́sítọ́mà mi ọ̀wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí. Dọ́là ti lọ sókè, epo ti wọ́n, ìjọba ò ṣàánú wa, àwọn tó ń ta gáàsì ń ṣe bó ṣe wù wọ́n, ìrẹsì, tòmátì, ata, epo pupa, ohun gbogbo ló ti wọ́n. Mo ti gbìyànjú kí n má fi owó lé e, mo sì ti ń pàdánù látọjọ́ yìí nítorí ìfẹ́ tí mo ní sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, owó oúnjẹ máa lé díẹ̀ láìpẹ́. Ẹ má fi mí sílẹ̀ o. Ọlọ́run á bù kún yín.

Ajẹun Maitama
Màmá, mo kà á tán, mi ò sì tíì mọ iye tí mo máa san, mi ò mọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. "Díẹ̀" àti "láìpẹ́" yẹn á kó mi láyà jẹ ju ₦300 lọ. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ẹ ti ń pàdánù nítorí mi yẹn tún dà bíi pé mo jẹ yín ní gbèsè.

Bàbá Oníṣirò
Ó sọ ọ́ tán. Ohun tí kọ́sítọ́mà ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni iye tuntun, ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, àti bóyá owó tó ti san sílẹ̀ ṣì dúró. Ìdí rẹ̀ á tẹ̀ lé e ní gbólóhùn kan. Tó bá ti di gbólóhùn márùn-ún, ó ti di àwáwí.

Ìdí tẹ́ ẹ máa sọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wà nínú abọ́ tí wọ́n ń jẹ. Ẹ yọ dọ́là kúrò. Ọjọ́ tí dọ́là bá wálẹ̀, ẹnì kan á béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa wálẹ̀. Ẹ yọ ìjọba náà kúrò, torí àwọn tẹ́ ẹ ń bọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ òṣèlú á sì gba ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦500 nílùú Àbújá. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé lọ́wọ́ olóúnjẹ, torí òun àti kọ́sítọ́mà jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni. Báyìí, díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń lé, ojú ò sì rí i bẹ́ẹ̀. Gáàsì, ìrẹsì àti ike tó. Kò sẹ́ni tí kì í ra gáàsì.

Èmi á kọ ọ́ báyìí:

> Ẹ káàárọ̀ o. Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 15, abọ́ oúnjẹ ọ̀sán á di ₦2,100. ₦1,800 ló wà tẹ́lẹ̀. Gáàsì, ìrẹsì àti ike ló lé, mi ò sì fẹ́ dín oúnjẹ tàbí ẹran kù. Ẹni tó ti san owó sílẹ̀ á jẹ gbogbo abọ́ tó san fún ní iye àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ pè mí. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ń jẹ oúnjẹ wa. – Ìyá Àdùnní

Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù kù díẹ̀ kó wọlé, torí ìgbà yẹn ni ₦300 máa ń tóbi jù lójú.

Ṣadé Karu
Kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "ẹ má bínú"? Ọmọ Yorùbá ni wá o. Ó gbẹ jù.

Màmá Minna
Ṣadé ọmọ mi, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi á fi "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fara mọ́ ọn" kan ṣoṣo kún un, níparí. Ẹ̀ẹ̀kan náà tó. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹni tó ń kà á á rò pé ó lè bá ọ dínwó. Ìyá Àdùnní, ìwọ náà mọ ibi tá a wà. Kọ́sítọ́mà tó jẹ́ Hausa á bá ọ nájà tẹ̀ríntẹ̀rín, kì í ṣe pé inú ń bí i. Á ní "don Allah, a rage", kó o bá òun dín in kù. Tó o bá ti fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀, o ti ṣí ọ̀nà fún un. Ní ìdáhùn rẹ sílẹ̀ kó tó bi ọ́, kó o sì dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín tìrẹ náà: iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn. Má ṣe bá ẹnì kan dín in kù ní kọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ náà á tú jáde kí wọ́n tó jẹun tán.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Ẹ ṣé, Màmá. Mo ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp tí gbogbo wọn wà. Ṣé kí n fi síbẹ̀?

Bàbá Oníṣirò
Rárá o. Nínú gúrúùpù, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọ "Haa!" ló máa pinnu ohun tí àwọn tó kù máa sọ. Ẹni tó fẹ́ gbà wọ́ọ́rọ́wọ́ á wá dákẹ́. Ẹ lo bródíkáàsì, kó lè bọ́ sí ọwọ́ kálukú lọ́tọ̀. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí bródíkáàsì yẹn rárá. Kò sì ní mọ̀ títí tí ọjọ́ 15 á fi pé, tẹ́ ẹ máa ní ₦300 kù. Ọjọ́ yẹn ni ìjà máa ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kejì, ẹ wo àwọn tí kò rí i, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ọ́fíìsì tó ń gba abọ́ méjìlá ò sí nínú èyí rárá. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ajẹun Maitama
Tẹ́ ẹ bá ní ìwé iye owó tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ara kúlà tàbí àwòrán tó wà lórí sítátọ́ọ̀sì yín, ẹ yí i padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tó ta abọ́ kan. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ò gbà kí olùtajà gba ju iye tó kọ síta lọ. Kò sẹ́ni tó máa torí abọ́ ìrẹsì lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ika tọ́ ₦1,800 sí yín lójú lọ́sàn-án gangan, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Tẹ́là Kaduna
Èmi tẹ́là ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó lé e, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n nílò yín jù. Èmi fi owó lé ríran nígbà tí Iléyá kù díẹ̀, torí ìgbà yẹn ni òwú àti epo jẹnẹrétọ̀ lé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n lójú àwọn èèyàn, Iléyá ni mò ń bá sáré. Wọ́n san án, torí aṣọ wọn ti wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún, àwọn kan ò gbé aṣọ wá mọ́. Báyìí, àárín ọdún tí ọwọ́ dilẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́, nígbà tí wọ́n bá gbé aṣọ wá, kí n tó wọ̀n wọ́n.

Ṣadé Karu
Ó dáa, mo ti gbà pé kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ₦2,100 bá pọ̀ jù fún ńkọ́? Ẹ ṣe abọ́ kékeré ní ₦1,600, kí wọ́n má lọ. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, ẹ ti sọ fún wọn pé ó kéré.

Bàbá Oníṣirò
Ẹ̀rù ń bà mí níbẹ̀. Abọ́ kékeré ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín ìnáwó kù. Ike kan náà ni, iná kan náà, ọkọ̀ kan náà. Ká ní ohun inú rẹ̀ já sí ₦1,000, ₦600 ló máa mú wá, kì í ṣe ₦870. Àwọn tó máa mú un ò ní jẹ́ kìkì àwọn tó fẹ́ lọ, àwọn tó máa san ₦2,100 náà á sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀.

Màmá Minna
Oníṣirò, ẹ̀yin ọkùnrin ìwé! Ọ̀dọ́bìnrin tí kì í jẹun tán wà nínú wọn, ó ti pẹ́ tó ti ń fi ìdajì sílẹ̀. Fún irú wọn, abọ́ kékeré yẹn á dùn mọ́ wọn nínú. Mo ti ta oúnjẹ rí.

Bàbá Oníṣirò
Mi ò bá yín jiyàn, Màmá. Kí Ìyá Àdùnní má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde ni mo wí. Ẹni tó bá pè é pé owó pọ̀ jù, òun nìkan ni kó sọ abọ́ kékeré fún.

Màmá Minna
Ṣebí mo ti ní kó má ṣe ní iye méjì ní kọ̀rọ̀ o.

Kọ́lá Gwagwalada
😂 Bàbá, ẹ dáhùn.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Abọ́ kékeré yẹn, màá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná. Ohun tó kàn mí jù báyìí ni pé ẹnì kan láàárín àwọn tó ń san owó sílẹ̀ ti gbọ́ fìn-ín fìn-ín lẹ́nu ọmọ tó ń bá mi gbé oúnjẹ. Ó fẹ́ san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ lónìí ní ₦1,800. Ṣé kí n gbà á?

Bàbá Oníṣirò
Ẹ má gbà á. Bí abọ́ ọgọ́ta ni oṣù mẹ́ta iṣẹ́. ₦300 lórí ọkọ̀ọ̀kan, ₦18,000 lẹ fi fún un yẹn. Ẹ tún máa ná owó náà lónìí, kẹ́ ẹ wá fi owó ọjọ́ iwájú sè é fún un, nígbà tí gáàsì bá tún ti lé. Ẹ ní kó san ti ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ẹ fi kún ìwé yẹn: "a lè gba owó sílẹ̀ ní iye àtijọ́ títí dé abọ́ mẹ́wàá." Ìyẹn náà jẹ́ oore, ó sì ní òpin.

Tí ọjọ́ 15 bá ti kọjá, ẹ má wo àwọn tó ń kùn. Ẹni tó ń kùn ṣì ń jẹun. Ẹ wo ẹni tó ń gbà á lọ́jọ́ márùn-ún tẹ́lẹ̀ tó ti di ọjọ́ méjì, tó sì ń kí yín dáadáa. Ẹ máa kọ iye abọ́ tó ń jáde lójúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá ń sún mọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹ padà wá síbí.

Fẹ́mi Nyanya
Ọ́fíìsì abọ́ méjìlá yẹn, ẹ kọ́kọ́ gba owó oṣù yìí lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan kan o.

Ajẹun Maitama
Fẹ́mi, lẹ́ẹ̀kan yìí mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ń san owó lóṣooṣù ti lè fọwọ́ sí iye kan nínú ìwé wọn. Ọ̀gá tó ń bójú tó owó lè ní kí wọ́n dúró di oṣù tó ń bọ̀. Màmá, ẹ mú lẹ́tà kékeré kan dání, tí iye tuntun àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi sínú fáìlì.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dúró sí ₦1,800 títí oṣù á fi parí ńkọ́? Abọ́ méjìlá kì í ṣe kékeré.

Bàbá Oníṣirò
Ẹ gbà fún wọn, oṣù kan péré. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn.

Kọ́lá Gwagwalada
Èmi ò ní gbà. Àwọn tó kù á gbọ́.

Ìyá Àdùnní Kubwa
Ọjọ́ Ajé ni mo máa lọ síbẹ̀. Màá sọ ohun tí wọ́n bá wí fún yín.